Kì í Ṣe Gbogbo Ikọ́ Tó Bá Le Ló Ń Fẹ́ Apakòkòrò

Èéfín sìgá àti èéfín igi ìdáná wà lára ohun tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró bárakú. Bí àrùn náà bá ti gbé ìjà dé, kẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré lọ láti ra apakòkòrò. Wọ́n gbà pé ikọ́ tó bá ti le, bakitéríà ló wà nídìí rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn máa ń ru àrùn yìí sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín. Apakòkòrò kò rí wọn gbé ṣe.

Ní 1987, Anthonisen àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Wọ́n fún àwọn kan ní apakòkòrò, wọ́n fún àwọn mìíràn ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí àrùn dìde, àwọn tó lo apakòkòrò rí ìwòsàn ní 68, àwọn tó lo hóró lásán sì rí i ní 55. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi pín àwọn aláìsàn: kí èémí túbọ̀ ṣòro, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ sí i, kí ó sì dà bí ọyún. Àwọn tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni apakòkòrò ṣe lóore jù. Àwọn tó ní ẹyọ kan péré kò jèrè rẹ̀.

Ká wo ìyá kan tó ti ń fi igi yan ẹja láti ọdún pípẹ́, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ máa ń funfun láràárọ̀. Nígbà ọyẹ́, ọ̀fìnkìn mú un, kò lè mí délẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ṣì funfun, kò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Oògùn fífà símú tó ń la ọ̀nà èémí ló nílò, dókítà sì lè fi prẹdinisólóònù kún un fún ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èémí tún há, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń pọ̀, ó sì di àwọ̀ ewé lórí bébà ìnujú funfun. Apakòkòrò tọ́ sí i wàyí, ọjọ́ márùn-ún sì sábà máa ń tó.

Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń jà ni àwọ̀ ewé yẹn ti ń wá. Nítorí náà, ìyípadà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò ní bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ ni kí á máa ṣọ́. Ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti máa ń ní àwọ̀ ewé lójoojúmọ́ kò tíì ní àmì tuntun.

Bí ètè bá ń dúdú, tí oorun àìmọra ń gbé aláìsàn lọ, tàbí tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, àwọ̀ yòówù kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ikọ́ rẹ̀ jáde, tàbí tí ikọ́ tuntun rẹ̀ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, gbọ́dọ̀ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó ra apakòkòrò, kí ó kọ́kọ́ wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ó sì sọ ohun tó rí fún dókítà.