Ọjọ́ Ló Ni Kàlẹ́ńdà, Kì í Ṣe Fọ́tò Ọ̀gá

Ẹ gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri pálọ̀ yín. Ta lẹ kọ́kọ́ rí? Ó dá wa lójú pé kì í ṣe ọjọ́ òní. Alága ẹgbẹ́ lẹ rí, tòun tìyàwó rẹ̀, tàbí olóògbé tí wọ́n ń ṣe ọdún kẹwàá rẹ̀. Ọjọ́ wà nísàlẹ̀, ó kéré bí èèrà. Kí ẹ tó mọ̀ bóyá Ọjọ́rú ni òní tàbí Ọjọ́bọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dìde lórí àga, kí ẹ sì fojú súnmọ́ ògiri.

Àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí la jẹ̀bi. Oníbàárà á kó fọ́tò mẹ́jọ wá, àwa náà á tò wọ́n, ohun tó bá ṣẹ́ kù la ó fún ọjọ́. A ti ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì gbowó rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kẹta ọdún 2025 ló la ojú wa.

Ìyá ọ̀kan nínú wa ń ta búrẹ́dì. Àràárọ̀ ni wọ́n ń já ogún búrẹ́dì sílẹ̀ fún wọn láwìn, wọ́n á sì sanwó lópin oṣù. Ìyá kì í kọ nǹkan sínú ìwé. Kàlẹ́ńdà ni ìwé wọn: bí búrẹ́dì bá ti wọlé, wọ́n á fi bírò fa ìlà sínú àpótí ọjọ́ náà. Nígbà tí oṣù parí, ẹni tó ń já búrẹ́dì ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun gbé e wá. Ìyá ka ìlà tiwọn, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ogójì búrẹ́dì wà láàárín wọn. Wọ́n pe ọmọkùnrin yẹn ní olè lójú gbogbo àdúgbò.

Kò jalè. Kàlẹ́ńdà ló jẹ gbèsè, àwa la sì yà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ní 2025, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Oṣù Kẹta bẹ̀rẹ̀. Àpótí mẹ́fà àkọ́kọ́ á ṣófo, kí 1 tó jókòó sínú ìkeje. Bí ìlà àpótí bá jẹ́ márùn-ún, àpótí márùndínlógójì la ní. Ẹ yọ mẹ́fà tó ṣófo, ó ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Oṣù náà sì ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ibo la ó kó ọjọ́ méjì yòókù sí? Ọgbọ́n àyínìke tí gbogbo wa ń lò ni pé ká fún 30 mọ́ inú àpótí 23, ká fún 31 mọ́ inú àpótí 24, ká wá fa ìlà gẹẹrẹ sáàárín wọn. Ìyá ti fa ìlà sínú àpótí 23. Nígbà tó di 30, wọ́n rí i pé ìlà ti wà níbẹ̀, wọ́n sì rò pé àwọn ti sàmì sí i tán. Bó ṣe rí ní ọjọ́ kejì náà nìyẹn. Ìyá sanwó, wọ́n tún bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àwa ò lè gbójú sókè.

Kí la ì bá ti ṣe? Ìlà mẹ́fà. Méje lọ́nà mẹ́fà, àpótí méjìlélógójì, kò sí oṣù tí kò ní gbà. Oṣù tó bá ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta, dandan ni kó lo ìlà kẹfà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Àbámẹ́ta. Ní 2026, Oṣù Karùn-ún àti Oṣù Kẹjọ ló bọ́ sínú ọ̀ràn yìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ya kàlẹ́ńdà yín bọ̀wọ̀ fún yín, oṣù méjì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí.

Ìlà kẹfà fẹ́ àyè ṣá o, ọ̀dọ̀ fọ́tò ni yóò ti gbà á. Ẹ wo bébà tí wọ́n ń pè ní A2: ó fẹ̀ ní mìlímítà 420, ó ga ní 594. Bí fọ́tò bá gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, nǹkan bíi 148 ló kù fún oṣù méjìlá. Tí a bá tò wọ́n ní mẹ́fà mẹ́fà, ìlà ọ̀sẹ̀ kan kò ní ju mìlímítà mẹ́sàn-án lọ, nọ́ńbà inú rẹ̀ á sì tó ìdajì ìyẹn. Ta ló máa ka ìyẹn láti orí àga? Ṣùgbọ́n bí fọ́tò bá fara mọ́ ìdajì bébà, a lè to oṣù ní mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta. Àpótí kọ̀ọ̀kan á wá tó mìlímítà méjìlá, nọ́ńbà á hàn, bírò náà á rí ibi fa ìlà sí. Fọ́tò kò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọjọ́. Ẹ yéé fi ojú ọ̀gá ràbàtà sẹ́yìn nọ́ńbà. Irun dúdú ọ̀gá á gbé nọ́ńbà dúdú mì.

Ọ̀rọ̀ ọlidé náà ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀lẹ wa ti máa ń hàn. A máa ń ṣí fáìlì èṣí, a ó yí nọ́ńbà ọdún padà, a ó gbàgbé pé ọlidé ń rìn. Gúùdù Fúráídè jẹ́ 18 Oṣù Kẹrin ní 2025. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún 2026 ti gbé e sí ọjọ́ Àbámẹ́ta! 3 Oṣù Kẹrin ló yẹ kó wà. Àwọn kàlẹ́ńdà kan ṣì ń kun 29 Oṣù Karùn-ún ní pupa fún Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa, bẹ́ẹ̀ láti 2019 ló ti kó lọ sí 12 Oṣù Kẹfà.

Ọdún Mùsùlùmí tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ló sì fi ń ṣíwájú lọ́dọọdún. Ìtúnu Àwẹ̀ 2025 bọ́ sí Àìkú 30 Oṣù Kẹta, ìjọba sì fúnni ní Ajé àti Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó tẹ kàlẹ́ńdà ní Oṣù Kọkànlá kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ìyẹn. Nítorí náà, kí àmì wa má purọ́. Kí Kérésì àti 1 Oṣù Kẹwàá gba pupa kíkún. Kí Ìtúnu àti Iléyá gba òbìrí tí inú rẹ̀ ṣófo, ká sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Bí oṣù bá ṣe yọ sí." Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 Oṣù Kẹjọ, gba àmì tirẹ̀, torí ọlidé ìpínlẹ̀ ni, bíi ti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀.

A mọ ohun táwọn kan máa sọ: ẹni tó sanwó ló ni kàlẹ́ńdà, fọ́tò ló sì sanwó fún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló mú kí wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri fún odindi ọdún kan? Ọjọ́ ni. Kàlẹ́ńdà tí kò ṣeé kà, kó tó di Oṣù Kejì, wọ́n á ti fi wé ìwé ọmọ ilé ìwé. Ọ̀gá tó fẹ́ káyé máa rí òun, ìlà kẹfà ni kó bẹ̀ wá fún.

Láti ìgbà ọ̀ràn búrẹ́dì, a kì í gbé iṣẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé mọ́ láìtẹ ẹyọ kan ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. A ó fẹ̀yìn rìn ní ìgbésẹ̀ márùn-ún, a ó sì pe ìyá oníbúrẹ́dì wá. Bí wọn ò bá rí 31 láti ibi tí wọ́n dúró sí, fọ́tò ló máa kéré sí i.