N ÀTI L, ÀTI ÀMÌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ SỌ NÙ

Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dìde tí kò parí títí a fi túká. Ọlọ́lá kan nínú wa dábàá pé kí a yọ àmì ohùn kúrò nínú ìwé ìròyìn yìí, nítorí pé ó ń fa iṣẹ́ ìtẹ̀wé sẹ́yìn, àti pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí a wí láìsí àmì. Ẹlòmíràn dìde, ó ní bí a bá ń fẹ́ kọ ohun tí etí gbọ́ ní tòótọ́, kí a dá n padà sí iwájú “nwọn” àti “nyin”, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti kọ wọ́n nínú Bíbélì Mímọ́. A bu ọlá fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n a kò lè bá èyíkéyìí nínú wọn lọ, ó sì tọ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin olùkà wa.

Etí ènìyàn ń gbọ́ ìyàtọ̀ púpọ̀ tí èdè kò kà sí. Ohùn ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá wí pé “omi”, omi kan náà ni wọ́n ń bèèrè. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí akọ̀wé bèèrè ni èyí: bí a bá yí ìró kan ṣoṣo padà, tí a sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà, ṣé ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ mìíràn? Bí ó bá di òmíràn, ìró méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú èdè náà. Irú ìró bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní fóníìmù. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra pátápátá àfi ní ibì kan, àwa yóò pè wọ́n ní ìbejì ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi èyí dán ohùn wò. Ọkọ ni ẹni tí ó gbé aya níyàwó. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lójú omi tàbí lójú ọ̀nà. Ọ̀kọ̀ sì ni ọmọ ogun ń jù. Láàrin ọkọ àti ọkọ́, òpin ọ̀rọ̀ nìkan ni ó yí, láti ohùn àárín sí ohùn òkè. Láàrin ọkọ́ àti ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni ó tún yí, láti òkè sí ìsàlẹ̀. Láàrin ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó yí. Bí a bá fẹ́ mọ̀ dájú pé a kò tan ara wa jẹ, kí a fi ọkọ́ kan àti ère ọkọ̀ kékeré kan síwájú ẹnì kan. Kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ó máa pe orúkọ wọn ní ìgbà 20, ní àdàlù, kí ẹni ti iwájú sì máa na ìka sí èyí tí ó gbọ́. Bí ó bá gbà á ní gbogbo ìgbà, ìyàtọ̀ náà wà láàyè. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí ìdajì ni ó gbà, ńṣe ni ó ń méfò.

Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí nìkan kò tó, níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà. Ẹ wo lá, bí ajá ti í lá omi, àti ná, bí a ti í ná owó. Lójú ìwé, ìbejì ọ̀rọ̀ ni wọ́n, l àti n nìkan ni ó yà wọ́n. Ẹni tí a bá dán wò yóò sì gbà á ní ìgbà 20 nínú 20. Ǹjẹ́ kò ha tó kí a dájọ́ pé l àti n jẹ́ ìró méjì? Ẹ má yára. Kí olùkà wa fa ìparí ọ̀rọ̀ náà gùn, “lááá”, kí ó sì máa fi ìka di imú, kí ó máa tú u. Kò sí ohun tí yóò yí. Kí ó wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí “nááá”. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá di imú, ohùn yóò yí padà, nítorí pé a ti inú imú gba a ti inú ná jáde, ṣùgbọ́n a kì í gba ti inú lá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ibi méjì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yàtọ̀, kì í ṣe ibì kan. Ìbejì ojú ìwé ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì ẹnu.

Èwo nínú ìyàtọ̀ méjèèjì ni ó wá ń ṣiṣẹ́? Rí àti rín dá wa lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kú àti kún, dí àti dín. Nínú wọn a rí i pé ríránmú fáwẹ̀lì nìkan tó láti sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn. Ìyẹn dájú. Ẹ wá bá wa wá ọ̀rọ̀ Yorùbá àbáláyé kan nínú èyí tí l wà níwájú fáwẹ̀lì tí a ránmú pè: a ó wá a tì. Ẹ tún wá èyí tí n wà níwájú e tàbí o: a ní le àti lo, a kò ní ne àti no, nítorí pé a kì í ránmú pe e àti o nínú èdè wa. Níbi tí l bá wà, n kì í sí níbẹ̀. Níbi tí n bá wà, l a yẹra fún un. Ọkùnrin kan náà ni, ó kàn ní aṣọ méjì. Fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń pinnu èyí tí yóò wọ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè wa ń gbé ẹ̀rí èyí ká nínú oyè. Ẹni tí ó ni ilé ni onílé, nítorí pé i oní wà níbẹ̀, n sì dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni aṣọ kì í ṣe onáṣọ, aláṣọ ni. Ẹni tí ó ní epo ni elépo. Nígbà tí i bá ti sá, tí fáwẹ̀lì tí a kò ránmú pè bá gba ipò rẹ̀, n di l lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní Oníṣàbẹ́, tí a sì ní Aláàfin àti Olówu. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ní ilé” ṣe di nílé, tí “ní ọjà” sì di lọ́jà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń ṣe é láìṣìnà.

Èyí ni ó dá ọ̀rọ̀ “nwọn” àti “nyin” lẹ́jọ́. Òtítọ́ ni ọ̀rẹ́ wa sọ: etí ń gbọ́ imú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì tí a ránmú pè ni ó kó imú náà ran w àti y, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ l di n. A ti kọ n sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó tún kọ ọ́ síwájú kọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìbejì ọ̀rọ̀ kankan tí n iwájú yẹn dá nìkan yà sọ́tọ̀. Àwọn baba wa kò ṣìnà nínú gbígbọ́. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, nígbà tí ó yọ n náà tí ó sì fi wọ́n àti yín sílẹ̀, kò fi ìtumọ̀ kankan ṣòfò.

Ẹnì kan lè bi wá pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a kò fi l kọ ná? Ìdáhùn kan ni pé ojú ti mọ n níbẹ̀. Èkejì ní agbára jù ú lọ: àwọn àlejò ti wọlé. Nọ́ọ̀sì àti lọ́ọ̀yà wà nínú ọ̀rọ̀ wa lónìí, n àti l sì dúró níwájú ọ kan náà tí a kò ránmú pè. Ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n, wọn kò sì lè jẹ́rìí nípa ọ̀rọ̀ àbáláyé. Ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ìyàtọ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀ lè wọ inú èdè. Nítorí náà kí a jẹ́ kí n dúró.

Ó ku ìkìlọ̀ kan fún ẹni tí yóò ṣe ìdánwò yìí: ẹnu ìlú kan ni kí ó dán wò lẹ́ẹ̀kan. Sá àti ṣá jẹ́ ìbejì ọ̀rọ̀ tòótọ́: ẹni kan sá fún ogun, ẹni kan fi àdá ṣá igi. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, s ni a ń gbọ́ nínú méjèèjì. Bí a bá mú olùsọ̀rọ̀ tí kò ní ìyàtọ̀ náà àti olùgbọ́ tí ó ní i, ìdánwò wa yóò dàrú. Nínú ìwé tí gbogbo ìlú yóò kà, ẹni tí ó ní ìyàtọ̀ náà ni kí a tẹ̀ lé, nítorí pé ẹni tí kò ní i lè kọjá lára àmì ìsàlẹ̀ ṣ láìpàdánù ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní i kò lè rí i padà bí a bá ti yọ ọ́.

A padà sí àbá àkọ́kọ́. Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká máa ń gba ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì là. Kò sí ẹni tí yóò rò pé aya kan bá ọkọ́ rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti ìwé ogún kan, nínú èyí tí a kọ ọ́ pé olóògbé fi “ọkọ mẹta” sílẹ̀ fún àkọ́bí rẹ̀. Ṣé ọkọ́ ni, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀? Ohun ìní ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a sì lè fi wọ́n jogún. Ọ̀rọ̀ àyíká kò ní ìrànlọ́wọ́ kankan láti ṣe. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò wà níwájú ìjòyè.

Ẹ sì kíyè sí i pé a kò béèrè ju bí ó ti yẹ lọ. Ohùn mẹ́ta ni a ní, àmì méjì sì tó wọn, nítorí pé ohùn àárín ni a mọ̀ nípa àìní àmì. Nínú ọ̀rọ̀ bí ìwé, etí ń gbọ́ pé ohùn òkè ń gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀, èyí tí kì í ṣe nínú ọkọ́. A kò sọ pé kí a sàmì sí ìgùnkè náà, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó ṣáájú ni ó fà á, kò sì dá ọ̀rọ̀ kankan yà. Ọ̀ràn n àti l náà ni.

Nítorí náà ìpinnu wa nìyí. A kì yóò dá n padà síwájú wọ́n àti yín. A kì yóò sì yọ àmì ohùn kúrò nínú ìwé ìròyìn yìí, bí iṣẹ́ ìtẹ̀wé tilẹ̀ pẹ́ ní ọjọ́ kan sí i. Yóò jẹ́ ohun ìyanu bí Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè yìí bá ń ṣọ́ n àti l, tí fáwẹ̀lì tó láti yà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àbáláyé, tí ó sì ń sọ ohùn nù, èyí tí òun nìkan ṣoṣo ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìbejì ọ̀rọ̀ kan tí ó tako ohun tí a wí, kí ó kọ ọ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde, pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo.