Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn tí ń ṣe ètò orí fóònù àti àwọn tí ń tẹ ìwé ìtàn aláwòrán fi ń kan èdè Yorùbá. Wọ́n ní Yorùbá gùn jù. Wọ́n ní bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lórí bọ́tìnì sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà a máa yọ síta bí ẹsẹ̀ àlejò tí ibùsùn rẹ̀ kúrú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń rọ ògbufọ̀ pé kí ó gé ọ̀rọ̀ kúrú, kí ó yọ àmì ohùn, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kì í ṣe gígùn ni ó ń ṣe èdè náà. Àpótí tí a kàn pa kí a tó mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni ó fa ìjọ̀gbọ̀n.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ọ̀ràn yìí kedere, kí ó ronú dé Túdún Wàdá ní ìlú Kàdúná, ní àdúgbò tí Ilé-ẹ̀kọ́ Pọlitẹ́kíníkì ti Kàdúná wà. Hausa ni èdè ọjà àti èdè ìta níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá tí ó fi ibẹ̀ ṣe ilé kò kéré. Ká sọ pé obìnrin oníṣòwò kan níbẹ̀ ní ètò ìfowóránṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀, tí ètò náà sì gba Gẹ̀ẹ́sì, Hausa àti Yorùbá. Bọ́tìnì tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ ń jẹ́ `Send` ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà 4. Ní Hausa ó ń jẹ́ `Aika`, lẹ́tà 4 náà ni. Ẹni tí ó ṣe ètò náà yóò wo ti Hausa, yóò rí i pé ó bá àpótí mu rẹ́gí, yóò sì gbà pé iṣẹ́ ìtumọ̀ ti parí. Nígbà tí obìnrin yìí bá wá yan Yorùbá, `Fi ránṣẹ́` ni ó yẹ kí ó rí, ìyẹn lẹ́tà 7 àti àlàfo 1. Ṣùgbọ́n báyìí ni a ti kọ òfin bọ́tìnì náà sílẹ̀:

```css
.botini {
  width: 60px;
  height: 20px;
  padding: 0 12px;
  border: 0;
  white-space: nowrap;
  overflow: hidden;
}
```

Kí á fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Fífẹ̀ bọ́tìnì náà jẹ́ píksẹ́lì 60, kò sì gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. A fi píksẹ́lì 12 sílẹ̀ ní apá òsì àti 12 ní apá ọ̀tún, nítorí náà 36 ni ó kù fún ọ̀rọ̀. Gbogbo lẹ́tà kì í fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n bí a bá fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti àlàfo ní píksẹ́lì 8, `Send` yóò gba 32, yóò sì wọlé. `Fi ránṣẹ́` yóò gba 64. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti òsì, yóò jẹ àyè ọ̀tún mọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ 48 péré ni yóò hàn, nítorí `overflow: hidden` ti pàṣẹ pé ohun tí ó bá yọ síta kí a gé e. Lẹ́tà mẹ́fà ni 48 náà gbà. Ohun tí obìnrin wa yóò kà lórí bọ́tìnì owó rẹ̀ ni `Fi rán`. Kí ni kí ó fi rán? Aṣọ ni, àbí kí ni? Owó rẹ̀ ni ó wà nídìí bọ́tìnì yẹn, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó tẹ ohun tí kò yé e.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Dípò kí a sọ fún bọ́tìnì pé 60 ni kí ó jẹ́, a ó sọ fún un pé kí ó má ṣe dín ní 60. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, kí ó nà; bí ó bá kúrú, kí ó súnkì. A ó sì sọ fún ìlà tí àwọn bọ́tìnì tò sí pé bí àyè kò bá gbà wọ́n mọ́, kí èyí tí ó kẹ́yìn bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀:

```css
.botini {
  min-width: 60px;
  padding: 8px 12px;
  border: 0;
  line-height: 1.5;
}
.ila {
  display: flex;
  flex-wrap: wrap;
  gap: 8px;
}
```

Ní báyìí, `Fi ránṣẹ́` yóò gba 64 àti 24 etí rẹ̀, àpapọ̀ 88. `Fi pamọ́` tí ó tẹ̀lé e yóò gba 80, `Fagi lé e` yóò sì gba 96. Bí a bá fi àlàfo méjì tí ó wà láàárín wọn kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 280, ojú fóònù tí ó fẹ̀ tó 320 yóò sì gbà á. Bí ojú obìnrin náà kò bá ríran dáadáa tó mọ́, tí ó sì sọ lẹ́tà di ìlọ́po kan àti ààbọ̀, àpapọ̀ yóò di 376. Kò sí ohun tí yóò gé. `Fagi lé e` yóò kàn bọ́ sí ìlà kejì. Ẹni tí ó bá ní Yorùbá kò gba inú bọ́tìnì, kí ó kọ́kọ́ dáhùn ìdí tí kò fi kọ ìlà wọ̀nyí.

Ṣé òótọ́ ni pé Yorùbá gùn ju èdè mìíràn lọ? Bọ́tìnì tí a kọ `Language` sí ní lẹ́tà 8 ní Gẹ̀ẹ́sì. `Èdè` ni ní Yorùbá, lẹ́tà 3. `Settings` jẹ́ lẹ́tà 8. `Ètò` jẹ́ 3. Ní ti Hausa tí ó wọlé nírọ̀rùn lẹ́ẹ̀kan, `Password` lẹ́tà 8 a di `Kalmar sirri`, 12 pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Èdè àwọn Òyìnbó pàápàá kò yọ nínú rẹ̀. W3C, ẹgbẹ́ tí ń ṣe òfin ìtò ojú-ìwé orí ẹ̀rọ, fi Flickr ṣe àpẹẹrẹ: `views` tí ó jẹ́ lẹ́tà 5 ní Gẹ̀ẹ́sì di `visualizzazioni` ní èdè Ítálì, lẹ́tà 15. Ìtọ́sọ́nà ilé-iṣẹ́ IBM tí ẹgbẹ́ kan náà tọ́ka sí sọ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ju lẹ́tà 10 lọ lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta bí a bá túmọ̀ rẹ̀, nígbà tí èyí tí ó ju 70 lọ kì í sábà fi ju 30 nínú 100 lé. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ó máa ń fẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ kúkúrú náà ni ó sì ń gbé orí bọ́tìnì. Ẹni tí ó wọn bọ́tìnì rẹ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan dà bí télọ̀ tí ó fi ara rẹ̀ wọn aṣọ oníbàárà.

Ẹ̀bi kejì tí wọ́n ń dá Yorùbá ni ti àmì. Níhìn-ín, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n kà ni. Ojú ènìyàn rí 8 nínú `Fi ránṣẹ́`, pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Unicode kò sí `ẹ́` tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo. `ẹ` ni a ó kọ, a ó sì gbé àmì ohùn lé e lórí. Nítorí náà, 9 ni ètò kọ̀ǹpútà yóò kà. Bí a bá tú gbogbo àmì palẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò kà 12. Ẹni tí ó bá ní kí ògbufọ̀ má ṣe kọjá 8 ti fipá mú un láti yọ àmì kúrò, bẹ́ẹ̀ àmì náà kò fi ohunkóhun kún fífẹ̀ ọ̀rọ̀. Gíga ni àmì ń béèrè: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bọ́tìnì tí gíga rẹ̀ kò ju 20 lọ lè gé àmì abẹ́ lẹ́tà dànù, `Owó ọwọ́` a sì di `Owó owó`. Ìdí nìyí tí a fi kọ `line-height: 1.5`, tí a sì yọ `height` kúrò.

Ti ìwé ìtàn aláwòrán ni ó tún dunni jù, nítorí ọmọdé ni ó ń kà á. Àyè róbótó tí ìrù rẹ̀ tọ́ka sí ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni à ń wí. Nínú àyè bẹ́ẹ̀, igun mẹ́rin tí ó tóbi jù tí a lè fà sínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 64 nínú 100 lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ tètè ń kan etí rẹ̀. Bí ọmọ inú àwòrán bá ń sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà pé `Sit down`, lẹ́tà àti àlàfo 8 ni. Yorùbá tí ó tọ́ ni `Ẹ jókòó, Màmá`, ó sì jẹ́ 13. Bí a kò bá fẹ̀ àyè náà, lẹ́tà tí ó jẹ́ póìntì 10 gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 8 kí ó tó lè wọlé, àmì ohùn yóò sì fún mọ́ra. Nígbà tí olùtẹ̀wé bá kọ̀ láti dín lẹ́tà kù, `Jókòó` ni ó ń kọ. Ó wọ inú àyè náà dáadáa, àyè tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ni ó ń sọ fún ìyá àgbà pé “Jókòó”? Ọmọ tí a bí sí Túdún Wàdá, tí ó jẹ́ pé nínú ìwé díẹ̀ ni ó ti ń rí Yorùbá, yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Àyè kékeré ti di olùkọ́ rẹ̀.

Ìwé ìròyìn Atọ́ka, tí ó máa ń gbé eré àwọn òṣèré bíi Hubert Ògúndé jáde pẹ̀lú fọ́tò nígbà kan rí, fi Yorùbá sẹ́nu àwọn àwòrán rẹ̀. Èdè náà lè gbé inú àwòrán, bí a bá rò ó mọ́ ọn. Ẹni tí ń ya ìwé tí a ó túmọ̀ kò gbọdọ̀ kun ọ̀rọ̀ àti àyè rẹ̀ mọ́ àwòrán. Kí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ lórí ìpele tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, kí ó kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀, kí ó tó fa róbótó yí i ká. Kí ìrù dúró sí ẹnu, kí àyè náà máa fẹ̀ sókè, níbi tí kò sí ojú ènìyàn.

Àwọn kan yóò ní bọ́tìnì tí ń nà kò lẹ́wà. Àwọn mìíràn yóò ní kí a fi àmì tóótòòtó sí ìparí ọ̀rọ̀ tí kò gbà. Ẹwà wo ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí a kò lè kà? Òótọ́ ni pé ògbufọ̀ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ “Tẹ ibí yìí láti fi owó rẹ ránṣẹ́” sórí bọ́tìnì ti sọ àsọjù. Òótọ́ sì ni pé ojú fóònù ní ìwọ̀n, kò lè nà títí láé. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ ògbufọ̀ pé kí ó gé ọ̀rọ̀, kí ẹni tí ó kan àpótí kọ́kọ́ dán an wò. Lórí Android, èdè ìdánwò kan wà tí a ń pè ní `en-XA`. Yóò mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò fi àmì sí i lórí, yóò sì fà á gùn. Bí bọ́tìnì bá fọ́ níbẹ̀, yóò fọ́ ní Yorùbá náà, ẹni tí ó ṣe é yóò sì ti mọ̀ kí ìtumọ̀ kankan tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe ìdánwò yìí kò ní ẹjọ́ kankan tí ó lè bá Yorùbá rò. Àpótí ni kí ó lọ tún kàn.