Tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun kan ṣoṣo bá ń dùn ẹ́, má pè é ní ọ̀fun dídùn lásán

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ní Òrè níbí, tí ọ̀fun bá ń dun èèyàn, ohun tí gbogbo ayé máa ń bi í ni pé, "Ṣé o ti lo oògùn?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ò tó. Èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í ni: "Ẹ̀gbẹ́ wo ló ń dùn ẹ́?" Àbúrò mi ló jẹ́ kí n mọ̀.

2/ Ọmọ ọdún 22 ni, Odígbó ló ń gbé. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, òtún àti òsì. Ó lọ sí kẹ́mísìtì, wọ́n po oríṣiríṣi kóró oògùn pọ̀ fún un sínú ọ̀rá kékeré, ti ọjọ́ méjì péré. Nígbà tó máa di Ọjọ́rú, ara ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti gbádùn.

3/ Ọjọ́ Ẹtì ló pè mí. Mi ò tètè mọ ohùn ẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu tí ò lè tu ú ṣe máa ń sọ̀rọ̀? Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ní ọ̀tún nìkan ló ń dun òun báyìí, ó sì ń ta dé inú etí ọ̀tún. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó gbé ife kan dání tó ń tutọ́ sí, torí kò lè gbé itọ́ ara ẹ̀ mì.

4/ Mọ́mì ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní bẹ́lubẹ̀lu ni, pé ká lọ pe bàbá tó ń gé e. Mi ò bá wọn jà o. Mo kàn ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ẹnu ẹ̀." Mo tan iná fóònù. Ẹnu ò yà! Ìka mi méjì ò wọ àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ẹ̀.

5/ Ìwọ̀nba tí mo rí ni pé òkè ọ̀fun lápá ọ̀tún ti wú, ó pọ́n, ó ń dán. Ẹran kékeré tó máa ń rọ̀ sílẹ̀ láàárín gbùngbùn ọ̀fun sì ti yẹ̀ sí òsì, bí ìgbà tí nǹkan ń tì í. Nǹkan ń tì í lóòótọ́. Ọyún ni.

6/ Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Kókó ẹran méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Tọ́ńsìlì ni wọ́n ń pè é. Tí kòkòrò bá kọjá ara tọ́ńsìlì, ó lè di eéwo sí àárín tọ́ńsìlì àti iṣan tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Iṣan tá a fi ń pa ẹnu dé wà nítòsí ibẹ̀. Tí eéwo yẹn bá ti ń dà á láàmú, iṣan á le gan-an. Ìdí tí ẹnu ò fi yà nìyẹn.

7/ Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ọ̀fun dídùn lásán sábà máa ń dun òtún àti òsì. Ó lè bá ọ̀fìnkìn àti ikọ́ rìn, ẹnu á yà dáadáa, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti ń lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tá a fi iyọ̀ díẹ̀ sí láti fi yọ ọ̀fun, pẹ̀lú parasitámọ́ọ̀lù, ti tó fún ọ̀pọ̀ ẹ̀.

8/ Ti eéwo ò rí bẹ́ẹ̀. Dípò kó máa dín kù, ṣe ló ń le sí i, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, ó ń gbájú mọ́ èkejì. Ibà, etí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ohùn iṣu gbígbóná, itọ́ tí kò ṣeé gbé mì, ẹnu tí kò yà. Ẹ tò ìka yín mẹ́ta lé ara wọn, kẹ́ ẹ fi wọn ẹnu yín. Nínú ọ̀pọ̀ àgbà, mẹ́ta máa ń wọlé. Tí méjì ò bá wọlé, tí ọ̀fun sì ń dùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilé ìwòsàn yá lọ́jọ́ yẹn gan-an.

9/ Bá a ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà nìyẹn. Wọ́n fín oògùn tó ń mú ara kú sí ọ̀fun ẹ̀, wọ́n sì ki abẹ́rẹ́ bọ ibi tó wú jù. Wọ́n ti fi nǹkan bo abẹ́rẹ́ náà, kìkì ẹnu ẹ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà kan ló yọ síta, torí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ọyún kún inú síríńjì, ó rùn! Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí àbúrò mi gbé itọ́ mì. Omijé bọ́ lójú mi.

10/ Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fa omi sí i lára, pẹ̀lú áńtíbáyótíìkì. Ẹ kíyè sí bó ṣe tẹ̀ léra: wọ́n kọ́kọ́ fa ọyún, oògùn wá tẹ̀ lé e. Oògùn inú ẹ̀jẹ̀ kì í sábà ráyè wọ inú àpò ọyún dáadáa. Àwọn kan wà tí tiwọn ò tíì di ọyún, tàbí tó kéré gan-an, tí oògùn nìkan ń tó fún. Ṣùgbọ́n dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó mọ̀, kì í ṣe èmi àtìwọ tàbí ọ̀rá kékeré kẹ́mísìtì.

11/ Ọ̀rọ̀ bẹ́lubẹ̀lu wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn òbí wa ò ní èrò burúkú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹran àárín ni wọ́n máa ń gé, ẹ̀gbẹ́ sì ni ọyún wà. Ẹran tí wọ́n fẹ́ gé yẹn ò ṣẹ̀, ṣe ni wọ́n tì í kúrò láyè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gé e, ọyún ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti wá fi ẹ̀jẹ̀ dídà kún un nínú ọ̀fun tó ti fún tẹ́lẹ̀. Abẹ tí wọn ò sè sì lè kó ipá ranni.

12/ Ẹnì kan á ní, "Ṣé ọ̀fun lè pa èèyàn ni?" Jọ́ọ̀jì Wáṣíńtìnì, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀fun ló pa á ní December 14, 1799. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì mọ́ tó fi ń jà fún èémí, alẹ́ ọjọ́ kan náà ló kú. Ọ̀pọ̀ dókítà òde òní rò pé ibòmíì nínú ọ̀fun ló wú, kì í ṣe eéwo tọ́ńsìlì. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà lára ẹ̀ léraléra, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà èémí ló ń dí. Àṣìṣe yẹn náà là ń ṣe tá a bá ń gé ẹran tí ò ṣẹ̀.

13/ Torí náà, tí èémí bá ń dún, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu, tí ọrùn wú tàbí tó le, tí èèyàn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ má fipá bọ́ ọ, ẹ má sì fi nǹkan gún un nílé. Jẹ́nẹ́rà Òrè ló sún mọ́ wa. Tí wọ́n bá ní ó di ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun, UNIMED Oǹdó àti FMC Ọ̀wọ̀ wà.

14/ Ẹ má gbàgbé pé egungun ẹja tàbí eyín tó ti jẹrà náà lè mú kó dùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn yẹn náà, dókítà ló yẹ kó wò ó.

15/ Àwa ọ̀dọ́ gan-an ni eéwo yìí máa ń bá jù. Tí ọ̀rẹ́ yín bá ní ọ̀fun ń dun òun lónìí, ẹ má tíì sọ orúkọ oògùn kankan. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Ẹ̀gbẹ́ wo? Ya ẹnu ẹ kí n rí i."