Ẹni tó pàdánù iṣẹ́ ìjọba ní Sèmè, ta ló ń sọ fún un?

Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi tó kọjá, agbaṣẹ́ṣe kan ládùúgbò wa ní Sèmè sọ fún mi pé ìgbà tóun rí katapílà lójú iṣẹ́ lòun tó mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tóun du ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí i, kò sẹ́ni tó pè é. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka òfin ọdún 2007 tó de gbígbé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jáde fún ìdánwò ni, mo sì mọ̀ pé òfin náà fúnra rẹ̀ jẹ nínú ẹ̀bi yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yìn ín níbi tó ti yẹ. Òfin yẹn ní kí wọ́n polongo iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí gbèdéke tó pé. Bí gbèdéke bá ti pé, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí àpòòwé lójú gbogbo ẹni tó díje, kí wọ́n sì ka orúkọ àti iye owó tí kálukú kọ sókè ketekete. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ìdíje nìkan ni wọ́n lè fi díwọ̀n wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù láàárín àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n ló ni iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i o: láàárín àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n. Owó kékeré nìkan kò tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn máa ń tì. Abala 19 ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣàlàyé fún ẹni tó pàdánù, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí onítọ̀hún bá béèrè ni. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ béèrè nípa ohun tí kò tíì gbọ́?

Ká fi gọ́tà kan ní Sèmè ṣàpẹẹrẹ. Ẹni mẹ́ta díje: wọ́n ka mílíọ̀nù 42, 47 àti 55 náírà. Wọ́n gbé e fún oní-47. Oní-42 béèrè ìdí, wọ́n ní kò ní irú ẹ̀rọ kan tí ìwé ìdíje kò dárúkọ rí. Ẹjọ́ gidi nìyẹn. Abala 54 fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ 15, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ìgbà tó mọ̀ tàbí tó yẹ kó ti mọ̀, kó fi kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà tàbí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà. Olúwarẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti fèsì. Bí kò bá fèsì, tàbí tí èsì kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ BPP ní Àbújá, tí àwọn náà yóò dájọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 21. Lẹ́yìn wọn ló kan Ilé-Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ẹ wo ibi tó ti wọ́. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ yìí ni òfin fi ṣe alábòójútó ìdíje náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ ara rẹ̀ ló ń dá. Òun ló sì ń pinnu bóyá kí iṣẹ́ dúró. Ìgbà tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ BPP nìkan ni òfin sọ pé kí wọ́n dá gbogbo nǹkan dúró. Nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè ti lọ. Wọ́n ti lè fọwọ́ síwèé, wọ́n ti lè san owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gọ́tà ti lè dé ìdajì. Ta ni yóò wá ní kí wọ́n hú u?

Láti 2018 ni Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ti jọ ń lo ilé ìbodè kan láàárín Sèmè àti Kraké. Ṣùgbọ́n lápá tiwọn níbẹ̀, òfin ní kí wọ́n kọ̀wé sí ẹni tó pàdánù, kí wọ́n sọ ìdí, kí wọ́n sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ẹni tó mókè. Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹni tọ́rọ̀ kò tẹ́ lọ́rùn ń rójú sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa ṣe náà nìyẹn: kí wọ́n yọ "bí ó bá béèrè" kúrò ní abala 19, kí wọ́n sì fòfin de ìfọwọ́síwèé títí ọjọ́ iṣẹ́ 15 yóò fi kọjá.

Àwọn kan nínú kíláàsì wa ní yóò dá iṣẹ́ dúró, pé òjò etíkun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà polongo iṣẹ́ lè fi mẹ́ta kún un nínú ètò rẹ̀, òfin sì ti ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ pàjáwìrì.

Kí wọ́n tó ṣe é, mo ti bá bàbá náà kọ lẹ́tà kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ṣí àpòòwé, kí wọ́n kọ gbogbo iye tí wọ́n kà sókè sílẹ̀, kí wọ́n sì fi lẹ́tà náà jíṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, pé àwọn ń béèrè àlàyé ṣáájú bí iṣẹ́ kò bá já mọ́ àwọn lọ́wọ́. Kí wọ́n gba òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà sórí ẹ̀dà tiwọn.