Ohun Tí Ojú Rí Kọ́ Ni Etí Ń Gbọ́: Sí Ẹ̀yin Tó Ń Kọ Fọ́ọ̀mù Orí Ayélujára

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín yín tí ẹnikẹ́ni kì í jiyàn lé lórí: bí ìbéèrè bá ti wà lókè àpótí, NVDA yóò kà á fún afọ́jú tó bá dé ibẹ̀. Irọ́ ni.

Ká ní ọmọ Ìlobù kan tí kò ríran, tó ń gbé ní Ìlọrin, ń kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Fọ́ọ̀mù náà ń bi í ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tó ti wá, àti ti ibi tó ń gbé. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ rèé:

```html
<p>Ìpínlẹ̀ abínibí</p>
<select id="abinibi">
```

Ojú á so ìbéèrè mọ́ àpótí fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní so ó. Ọmọ Ìlobù náà tẹ Tab, ohùn NVDA sọ fún un pé ibi tí wọ́n ti ń yan nǹkan nìyí, Abia ló wà lórí rẹ̀. Ó dé àpótí ìpínlẹ̀ kejì, Abia náà ló tún gbọ́. Èwo ni ti abínibí, èwo ni ti ibùgbé? Ti ìjọba ìbílẹ̀ tún wá burú jù ú lọ: Ìlobù ni olú ìlú Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ọ̀ṣun, Ìrẹ́pọ̀dùn mìíràn sì wà ní Kwárà. Orúkọ tó gbọ́ kò lè là á lọ́yẹ̀. Bó bá fi Kwárà sípò Ọ̀ṣun, fọ́ọ̀mù á gbà á láìjanpata.

Ẹ ó ní kó fi bọ́tìnnì ọfà ka ojú ewé náà láti òkè. Lóòótọ́, ọfà á ka ìbéèrè náà. Àmọ́ bó bá ti wọnú àpótí, ọfà yẹn kan náà ló ń yí orúkọ ìpínlẹ̀ padà. Á wá di pé kó máa jáde, kó lọ ka ìbéèrè, kó tún padà wọlé, láti àpótí dé àpótí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```html
<label for="abinibi">Ìpínlẹ̀ abínibí</label>
<select id="abinibi">
```

Ohun tó wà nínú `for` gbọ́dọ̀ bá `id` mu, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ẹ fi máòsì tẹ ìbéèrè náà wò: bí wọ́n bá so pọ̀, àpótí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á bọ́ sí. Bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀, wọn ò so. Bó bá bọ́ sí àpótí mìíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ da kóòdù kọ, ẹ sì gbàgbé láti yí `for` padà. Àpótí kejì ti di aláìlórúkọ nìyẹn.

Ẹ má fi ẹ̀rí ẹ̀rọ ayẹ̀wò yangàn pẹ̀lú. Ó mọ àpótí tí kò lórúkọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ «abínibí» sórí àpótí ibùgbé, kò ní rí àṣìṣe kankan. Ọ̀fẹ́ ni NVDA. Ẹ pa iná ojú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Tab láti àpótí àkọ́kọ́ dé bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, kí ẹ sì máa kọ ìbéèrè tí ẹ bá gbọ́ sórí ìwé. Àpótí tí ẹ kò bá gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ ni kí ẹ lọ tún kọ.