“Mo bẹ̀ ẹ́” kọ́ là ń sọ fún olùkọ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ní Ìjọ́rà ló kọ ọ́ sí olùkọ́ rẹ̀, ó sì ní kí a bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó fi ránṣẹ́:

“Ẹ káàsán sà. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ sà pé kí o fún mi ní àkókò si sà. Kò sí iná ní Ìjọ́rà. Mo ma fi ránṣẹ́ láìpẹ́ sà.”

“Sà” mẹ́rin ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó rí olùkọ́ fín. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí “ẹ” bá jẹ́ olùwà, bíi “Ẹ rí mi”, àgbà là ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di àbọ̀, bíi “Mo rí ẹ”, ẹgbẹ́ ẹni tàbí àbúrò ni. Ti àgbà ni “Mo rí yín”. Nítorí náà, “mo bẹ̀ yín” ló tọ́, “kí o” náà á sì di “kí ẹ”. Bí fóònù ò bá tilẹ̀ ní àmì ohùn, “yin” ò ṣeé ṣì kà. “Mo be e” ló lè kó ènìyàn sí wàhálà.

“Sí i” jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. “Mo ma” dùn lẹ́nu, àmọ́ “n ó” tàbí “màá” la fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó kù kì í ṣe gírámà. “Àkókò” kì í ṣe iye ọjọ́, “láìpẹ́” kò sì ní déètì. Ẹni tó bá kọ báyìí ti gbé ìṣirò lé olùkọ́ lórí, ìyẹn náà sì jẹ́ àìbọ̀wọ̀. Ohun tí a jọ tún kọ nìyí:

“Ẹ káàsán, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ìpele kẹta ni mí. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì sí i lórí iṣẹ́ tí ẹ ní kí a mú wá lọ́jọ́ Ẹtì. Láti ọjọ́ Ajé ni kò ti sí iná ládùúgbò wa ní Ìjọ́rà. Mo ti kọ ìdajì. N ó fi odindi rẹ̀ ránṣẹ́ kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó lù. Ẹ ṣeun, sà.”

Ó wá fi orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀.

Àwọn kan lára wa ní ó yẹ kó fi “mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ” kún un. A kò gbà. Ọ̀wọ̀ ti wà nínú “yín” àti “kí ẹ”; bí ẹ̀bẹ̀ bá pọ̀ jù, olùkọ́ á máa wá ìdí ọ̀rọ̀ kiri.

Ọjọ́ Ọjọ́rú ló fi í ránṣẹ́, kí ọjọ́ tó pé. Ká ní ọjọ́ Ẹtì ti kọjá ni, ẹ̀bẹ̀ náà ì bá yí padà: kì í ṣe “kí ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì sí i” mọ́, “kí ẹ bá mi gbà á bó tilẹ̀ pẹ́” ni. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé, àmọ́ kó tètè ṣí i.